Ìdí tí omi tó mọ ní àyà fi lè borí ẹni tó ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Iléṣà ni mo ń gbé. Mo mọ omi í wẹ̀ díẹ̀, mo sì ń kọ́ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, ní púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan ládùúgbò wa, níbi tí omi ti dé àyà rẹ̀. Ó ti ń léfòó, ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá, nígbà tó fẹ́ dìde, kò lè dìde mọ́. Ó ń bá omi jà títí mo fi fà á yọ. Báwo ni omi tí ọmọ lè dúró nínú rẹ̀ ṣe fẹ́ gbé e lọ? Kí ni kí n kọ́ ọ kí ó tó máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wẹ̀?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ewu ọmọ o, bàbá. Kí a tó dé orí ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ara ọmọ náà ló kàn. Ẹni tí omi bá pá lórí tó bẹ́ẹ̀, tí ikọ́ rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí ó ń tòògbé lọ́nà tí kò bá ìṣe rẹ̀ mu, ilé ìwòsàn ló yẹ kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Iléṣà, ilé ìwòsàn Wẹ́sílì kò jìnnà sí yín. Bí ó bá jẹ́ pé láti Sátidé náà ni ó ti ń jẹun, tó ń ṣeré, tí kò sì wúkọ́, ọkàn yín lè balẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọmọ náà ni kò sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá nà sórí omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, nítòsí ojú omi. Bí ẹ̀rù bá wá bà á, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí ó gbé orí sókè, kí ó sì na ẹsẹ̀ gbọọrọ láti wá ilẹ̀. Ẹsẹ̀ tó nà gbọọrọ kì í tètè wálẹ̀, nítorí pé omi ń dí i lọ́nà láti itan títí dé ọmọ ìka. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tilẹ̀ kan ilẹ̀, ara tí omi ti gbé dé àyà ti fúyẹ́ jù, kò ní ìwọ̀n tí yóò fi tẹ ilẹ̀, ńṣe ni yóò máa yọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ omi wálẹ̀ kí ẹnu lè yọ síta, kò sì ráyè fi ọwọ́ náà ṣe ohun tí ì bá gbé e dìde. Bóyá ẹ ṣàkíyèsí pé kò ké sí yín. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í sábà lè ké, nítorí pé ìwọ̀nba atẹ́gùn tí ẹnu rẹ̀ bá rí, èémí ló fi ń mí. Ó lè má pé ìṣẹ́jú kan kí ó tó rì. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rọ àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe fi etí ṣọ́ ọmọ nínú omi. Ojú ni kí wọ́n fi ṣọ́ ọ, kí fóònù sì wà nínú báàgì.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀kọ́ yín, nígbà náà, ni dídìde. Níbi tí èmi ti ń kọ́ni ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, mi ò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan dùbúlẹ̀ sórí omi láìdi nǹkan mú àfi bí ó bá ti mọ bí a ṣe ń ti ìdùbúlẹ̀ dìde, yálà ó dojú dé omi tàbí ó fẹ̀yìn lé e.

Ẹ kọ́kọ́ tún ibi tí ẹ ń dúró sí yàn. Omi tó dé àyà ọmọ ti jìn díẹ̀ jù fún ìpele yìí. Ibi tí ó bá ti dé ìdodo rẹ̀ tàbí ó lé díẹ̀ ló dára. Ẹ wo nọ́ńbà ìjìn omi tí wọ́n kọ sí etí púùlù, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ ara yín rìn ín kí ọmọ tó wọlé, nítorí pé ilẹ̀ púùlù sábà máa ń dà lọ sí apá tó jìn láìjẹ́ pé ojú rí i láti òkè. Bí omi náà bá ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò fi rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Kí ọmọ náà má sì fi orí bẹ́ wọ omi tí kò jìn rárá, ọrùn ló máa ń ṣẹ́. Àkàbà tàbí etí púùlù ni kí ó gbà wọlé, pẹ̀lú ẹsẹ̀ níwájú.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ èémí. Ọmọ tó bá dé èémí pa nínú omi yóò fẹ́ túu síta kí ó sì tún fa òmíràn sínú lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá yọ, àyè kì í sì í gba méjèèjì, ibẹ̀ ni omi ti ń pá a lórí. Ẹ jẹ́ kí ó di etí púùlù mú, kí ó fa èémí gba ẹnu, kí ó ki ojú bọ omi, kí ó sì máa fẹ́ atẹ́gùn náà jáde díẹ̀díẹ̀ gba imú àti ẹnu, títí yóò fi gbé ojú sókè. Omi iwájú rẹ̀ yóò máa hó. Bí ẹ kò bá rí kí omi hó, ó ti ń dé èémí pa nìyẹn, kódà bí ó bá ní òun ń fẹ́ ẹ. Nígbà tó bá lè ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá léraléra láìnu ojú láàárín, ó tó láti tẹ̀síwájú. Ẹ má ṣe gbà fún un láti bá ọmọ mìíràn díje lórí ta ni yóò pẹ́ jù lábẹ́ omi, pàápàá bí ó bá ti kọ́kọ́ mí léraléra kí ó tó wọlé. Afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí tó ń kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ́ kí ara mọ̀ pé ó tó àkókò láti mí. Ẹni tó ti mí gbogbo rẹ̀ dànù tẹ́lẹ̀ lè dákú sínú omi láìmọ̀ pé èémí ń tán òun.

Dídìde gan-an rèé. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ méjèèjì sí i, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé tiyín, kí ó dojú dé omi, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì léfòó sẹ́yìn. Ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni kí ó ká orúnkún méjèèjì wá sí abẹ́ àyà, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wà nínú omi. Bí orúnkún bá ti ń bọ̀, ìbàdí yóò wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ara yóò sì yí padà di ìjókòó. Nígbà náà ni yóò fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ omi wálẹ̀ àti sẹ́yìn, tí yóò gbé orí sókè, tí yóò sì wá na ẹsẹ̀ sí ilẹ̀ tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ tààrà. Orí ló máa ń kẹ́yìn. Bí orí bá ṣáájú orúnkún, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé yóò tún ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Odò-Ògbè wá kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ mi, irú ìṣòro ọmọ yín ló bá wá. Ó gbọ́ àlàyé yé, ó tilẹ̀ ń sọ ọ́ fún mi padà, síbẹ̀ bí ó bá dé inú omi, orí ló ń kọ́kọ́ gbé. Mo ní kí ó wo ìdodo ara rẹ̀. Bí ó bá ti fẹ́ dìde, kí ó wá ìdodo rẹ̀ pẹ̀lú ojú, lábẹ́ omi. Ẹni tó bá ń wo ìdodo kò lè gbé orí sókè, orúnkún rẹ̀ yóò sì fẹ́ tẹ̀lé e wá. Ó tẹ ọwọ́ mi gidi nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, ìka rẹ̀ kàn ń fara kan tèmi, mo sì rọra fà á kúrò kí òun tó mọ̀. Ìwọ̀n agbára tí ọmọ yín ń fi tẹ ọwọ́ yín ni yóò sọ fún yín ìgbà tí ẹ lè fi í sílẹ̀. Kí ẹ má ṣe yára.

Bí ó bá fẹ̀yìn lé omi, ọ̀nà náà yàtọ̀ díẹ̀: yóò fa àgbọ̀n mọ́ àyà, yóò ká orúnkún, yóò sì fi ọwọ́ kó omi láti ẹ̀gbẹ́ ìbàdí wá síwájú, bí ìdí ti ń rì sísàlẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ìpàkọ́ rẹ̀ ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé imú ni omi máa ń gbà wọlé níbẹ̀.

Nígbà tí dídìde bá ti mọ́ ọn lára, ìléfòó á rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ìbẹ̀rù ti dín kù. Ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún atẹ́gùn ń ṣiṣẹ́ kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa: àyà ló ń gbé sókè, kì í gbé ẹsẹ̀. Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ ọmọ tínínrín bá ń rọra rì, kò ṣe ohun tí kò dára, ẹ má sì bá a wí.

Láti ibẹ̀, kí ó fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yín lọ sí etí púùlù, mítà 2 péré, pẹ̀lú apá tó nà síwájú àti ojú nínú omi. Ìdí tí mo fi ń ní kí wọ́n dojú kọ etí púùlù ni pé ohun tí ọwọ́ yóò dì mú wà ní òpin ìrìn náà. Tó bá ń lọ geere, kí ó fi ìfẹsẹ̀lumi kún un. Láti ìbàdí ni ẹsẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, orúnkún kàn rọ̀ díẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ náà sì rọ̀. Bí ẹ bá rí i tí ó ń lu omi tagbáratagbára tí kò sì kúrò lójú kan, ẹ wo orúnkún rẹ̀. Ó ti ń ká wọn síwájú jù, ó ń fi itan ti omi.

Ọwọ́ ni ó kẹ́yìn. Apá kan yóò nà síwájú, ìkejì yóò wa omi gba abẹ́ ara lọ sí ẹ̀gbẹ́ itan, wọn yóò sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ má ṣe kọ́ ọ ní yíyí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti mí ní báyìí. Bí èémí rẹ̀ bá ti tán, lẹ́yìn ìwa omi 4 tàbí 5, kí ó wo ìdodo rẹ̀, kí ó dìde, kí ó mí, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí ni dídìde yóò ṣe máa wọ̀ ọ́ lára nínú gbogbo ìdánwò, títí tí kò fi ní máa ronú sí i mọ́.

Ẹ jẹ́ kí ó wà ní ibi tí omi ti mọ ní ìdodo títí yóò fi lè dìde láìdi nǹkan mú, yálà ó dojú dé omi tàbí ó fẹ̀yìn lé e, nígbà tí ẹ bá pè é lójijì, tí kò múra sílẹ̀. Rọ́bà apá tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí kò lè dípò èyí, nítorí pé ó ń gbé àyà dúró ṣinṣin tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò fi mọ bí ara òun ṣe ń yí padà, ó sì lè yọ́ kúrò lápá. Ohun tó bá mọ̀ ní púùlù, púùlù náà ló wà fún: ní ìsàlẹ̀ ìṣàn Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tàbí ní adágún Ọ̀pá níbí, ojú kò rí ilẹ̀, òkúta ń yọ̀, kò sì sí etí tí ọwọ́ lè dì mú.