Fíríìjì Kì Í Pa Kòkòrò Inú Wàrà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Oyún mi ti wọ oṣù karùn-ún, wàrà àwọn Fúlàní ló sì ń wù mí jẹ. Bí mo bá rà á, mo máa ń gbé e sínú fíríìjì mọ́jú kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Ṣé kò burú? Nọ́nù àti sùyà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó burú, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ń sọ èyí fún àwọn aboyún kó jáwọ́. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Lìsìtéríà. Òtútù tó ń dá ọ̀pọ̀ kòkòrò dúró kò dá òun dúró. Ṣe ló ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ nínú fíríìjì. Ara aboyún kì í lè bá a jà bíi ti ẹlòmíì, ó sì lè gba inú ibi ọmọ kọjá. Ibà díẹ̀ àti ara ríro lè jẹ́ gbogbo ohun tí ìyá máa rí, kí oyún sì wálẹ̀, tàbí kí ọmọ kú sínú.

Iná ló ń pa á. Àwọn tó ń ṣe wàrà máa ń da omi ewé bọmubọmu sínú mílíìkì, wọ́n á sè é títí á fi dì, wọ́n á wá kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi ara rẹ̀ lè ro. Lẹ́yìn tó bá kúrò lórí iná ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ tó kó o, omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí, àti bó ṣe pẹ́ tó nínú igbá lábẹ́ oòrùn. Nítorí náà, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú omi tó ń hó, kó tún hó fún bí ìṣẹ́jú 5, tàbí kí ẹ dín in. Èyí tó bá nípọn lè pọ́n lára kí àárín rẹ̀ ṣì tutù, torí náà ẹ la ọ̀kan wò. Gbóná-gbóná ni kí ẹ jẹ ẹ́.

Ní ti nọ́nù, mílíìkì tí kò kan iná ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, kíkan rẹ̀ kò sì tó láti pa kòkòrò. Ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi bímọ. Mílíìkì agolo àti ti oníyẹ̀fun ti gba iná nílé iṣẹ́. Ẹ máa mu ìyẹn.

Sùyà tí àárín rẹ̀ bá ṣì pupa, ẹ dá a padà sórí iná. Ata yajì kì í pa kòkòrò inú ẹran. Ẹ má sì jẹ àlùbọ́sà tútù tí wọ́n fi ọ̀bẹ ẹran gé sí i.

Bí ibà bá mú yín, ẹ má ra oògùn ibà lọ́wọ́ kẹ́míìsì. Ẹ lọ sí ọsibítù tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú oyún lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sọ fún wọn pé ẹ jẹ wàrà, ì báà ti tó oṣù 2, torí àìsàn yìí lè pẹ́ kó tó yọjú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè fi hàn, oògùn rẹ̀ sì wà, ṣùgbọ́n dókítà tó rí yín ló lè kọ ọ́.