Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rìsíìtì yín kí ẹ tó lọ sí báńkì

"Ẹ̀yin ará ilé, Mànṣẹ́sítà ni mo wà. Kóòtù l'Ékòó ti ní kí agbaṣẹ́ṣe tó jẹ owó ilé mi dá 2.8 mílíọ̀nù náírà padà. Ó ti pé oṣù mẹ́rin, kò san kọ́bọ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi bù máṣọ nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. 3.2 mílíọ̀nù ni mo fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù fún agbaṣẹ́ṣe kan pé kó bá mi kan òrùlé, ó kan pákó díẹ̀, kò gbé fóònù mi mọ́. Àbúrò mi tí mo fún níwèé aṣojú bá mi lọ sí kóòtù gbèsè kékeré, a jàre. Apá yẹn kò le. Owó gbígbà ló le.

Fífà la kọ́kọ́ gbà, ìwé tó ń fún bélífù láṣẹ láti kó ẹrù onígbèsè kí wọ́n sì tà á. Bélífù gbowó ọkọ̀, ó gbowó àwọn tí yóò gbẹ́rù, kò já rìsíìtì kankan fún àbúrò mi. Ó dùn mí wọra, torí pé kóòtù ní owó tirẹ̀ tó ń gbà, tó sì ń já ìwé fún. Ohun tí kò bá ti ní rìsíìtì, ẹ má san án. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀, firísà àti ọkọ̀ Hilux kan. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí ìyàwó agbaṣẹ́ṣe náà fi kọ̀wé sí kóòtù pé òun lòun ra firísà, rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ sì ń jẹ́ orúkọ kọ́ńpìnnì. Ẹni tó bá sọ pé òun ló lẹrù, kóòtù gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Oṣù mẹ́ta la fi lọ, tá a fi bọ̀, jẹnẹrétọ̀ nìkan ló kù fún wa, owó rẹ̀ kò sì tó owó ìrìnàjò. Ilé àti ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kò lè fọwọ́ kàn án àfi tí ẹrù tó ṣeé gbé kò bá tó san gbèsè, kí kóòtù sì tún fún yín láyè.

A wá lọ sí gáníṣíì, ọ̀nà tí kóòtù fi ń gba owó onígbèsè lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́yà yóò lọ bá kóòtù láìjẹ́ kí onígbèsè mọ̀, yóò búra pé ìdájọ́ wà, pé ẹ kò tíì gbowó, pé báńkì báyìí ń tọ́jú owó ẹni náà. Kóòtù á pàṣẹ àkọ́kọ́: kí báńkì di owó náà mú, kó sì wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó san án fún yín. Àṣẹ yìí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ báńkì àti onígbèsè, ó kéré tán ọjọ́ 14 ṣáájú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Tí àlàyé báńkì kò bá dá kóòtù lójú, àṣẹ ìparí á jáde, báńkì á sì sanwó.

Ibí yìí ni mo ti pàdánù owó. Èmi tí inú ń bí ti kọ̀wé sí agbaṣẹ́ṣe náà lórí WhatsApp pé báńkì ló kàn. Nígbà tá a débẹ̀, 4,600 náírà ló kù nínú àkáǹtì rẹ̀. Èyí tó burú jùyẹn lọ ni pé mo lọ wo rìsíìtì tí mo fi ránṣẹ́ owó lórí fóònù mi: 2.5 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ ló wọ àkáǹtì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí "Limited". Òun fúnra rẹ̀ la pè lẹ́jọ́, a kò pe kọ́ńpìnnì. Lójú òfin, ènìyàn méjì ni wọ́n. Báńkì kọ̀wé pé àkáǹtì yẹn kì í ṣe tirẹ̀, kóòtù dá báńkì sílẹ̀, owó lọ́yà mi sì lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó yọ wá ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀: gáníṣíì kì í ṣe ti báńkì nìkan. Ẹnikẹ́ni tó bá jẹ onígbèsè yín lówó, tó sì wà ní ìpínlẹ̀ náà, ẹ lè fi gáníṣíì mú un. Àbúrò mi gbọ́ lẹ́nu bíríkìlà kan pé agbaṣẹ́ṣe náà ń kọ́ kíláàsì fún ilé ìwé aládàáni kan, wọn kò tíì san ìyókù owó iṣẹ́ fún un. Ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà jẹ́ orúkọ tirẹ̀, kò jẹ́ ti kọ́ńpìnnì. Ìyá tó nilé ìwé kò jiyàn, ó ní 1.9 mílíọ̀nù ló kù lọ́wọ́ òun. Kóòtù ní kó san án fún wa, ó sì san án. Ìyókù ló ń fi díẹ̀díẹ̀ san báyìí.

Ní tiyín, ẹ ní kí ẹni yín lọ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù lù ní òǹtẹ̀, kí ẹ gbé orúkọ inú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ tó wà lórí rìsíìtì owó yín. Tí wọ́n bá bára mu, ẹ fún lọ́yà ní nọ́ńbà àkáǹtì yẹn, kí ẹ má sì sọ ohunkóhun fún onígbèsè. Tí wọn kò bá bára mu, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún gáníṣíì báńkì. Ẹ rán ẹni yín lọ sí ibi tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kó bèèrè ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún un àti iye tí wọn kò tíì san.