Ìdókòwò mẹ́fà tó ń bára wọn rìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Báńkì ni mò ń bá ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Mo ní mílíọ̀nù 10 náírà nínú ìdókòwò: GTCO mílíọ̀nù 2, Zenith mílíọ̀nù 2, UBA mílíọ̀nù 1.5, mútúàlì fọ́ọ̀ǹdù mílíọ̀nù 2, símẹ́ǹtì Dangote mílíọ̀nù 1.5, MTN mílíọ̀nù 1. Mo rò pé mo ti tú u ká, àmọ́ bí ọjà bá ti wó, gbogbo rẹ̀ ló ń wó pọ̀. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ojú kan ṣoṣo ni owó mi wà?

Ìdáhùn: Ara fọ́ọ̀ǹdù yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń bójú tó irú owó bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ìwé jáde nípa ibi tí wọ́n kó owó sí. Ẹ bèèrè tuntun rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 45% rẹ̀ wà nínú ìpín báńkì. A jẹ́ pé 900,000 náírà tún ti wọlé sí báńkì láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ rò ó mọ́ mílíọ̀nù 5.5 tí ẹ fọwọ́ ara yín rà, ó di mílíọ̀nù 6.4. 55% lẹ rò pé ẹ ní nínú báńkì, 64% ló wà níbẹ̀.

Ìwé yẹn nìkan kò tó, torí ó lè pẹ́ kó tó dé ọwọ́ yín, kò sì ní sọ fún yín bí ìpín kan ṣe ń fa èkejì. Èyí la fi ń wo ìbárìn iye owó wọn. Ẹ ṣí Excel. Ní ọjọ́ Jímọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ iye tí ọjà fi pa dé fún ohun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí òpó B títí dé G, láti ìlà 2 lọ sísàlẹ̀, ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí ẹ kà á fún mi yẹn. Àwọn búrókà ní àkọsílẹ̀ iye àtẹ̀yìnwá, nítorí náà kò di dandan kí ẹ dúró fún ọdún kan. Iye ọ̀sẹ̀ 53 la nílò, kí ìyípadà 52 lè jáde nínú rẹ̀. Ìyípadà yìí la máa fi ṣe ìṣirò. Ẹ má fi iye owó gan-an ṣe é o, torí ohun méjì tó kàn ń gòkè lọ́dún kan náà yóò dà bí ìbejì bí kò tilẹ̀ sí ohun tó pa wọ́n pọ̀.

```
H3:  =LN(B3/B2)
     =CORREL(H3:H54,I3:I54)
```

Ẹ fa ti àkọ́kọ́ lọ dé òpó M, kí ẹ sì fà á wálẹ̀ dé ìlà 54. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá yọ owó èrè ọdún kúrò lára iye ìpín kan, ẹ dá owó èrè náà padà sórí iye ọ̀sẹ̀ yẹn nínú fọ́múlà ọ̀sẹ̀ náà nìkan, kí ẹ tó pín in. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé yín yóò máa sọ pé ìpín náà já wálẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé owó ló wọ àpò yín. GTCO àti Zenith ni fọ́múlà kejì ń fi wéra; ẹ pààrọ̀ òpó inú rẹ̀ fún àwọn méjì-méjì yòókù. Ó máa ń mú nọ́mbà wá láàárín -1 àti 1. Bó bá sún mọ́ 1, àwọn méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n sì jọ ń sọ̀ ni. Bó bá wà nítòsí 0, kálukú ń ṣe tirẹ̀.

Ká ní báńkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti fọ́ọ̀ǹdù ń fún yín ní nǹkan bíi 0.75 láàárín ara wọn. Mílíọ̀nù 7.5 nínú mílíọ̀nù 10 ló wà lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin yìí. Ìṣirò kan wà tó ń sọ iye ohun tó dá dúró gan-an nínú wọn, bí owó inú wọn bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bíi tiyín: ẹ pín iye wọn pẹ̀lú 1 + (iye wọn − 1) × ìbárìn. Tiyín yóò jẹ́ 4 ÷ (1 + 3 × 0.75), ìyẹn 1.23. Orúkọ mẹ́rin lẹ̀ ń kà, àmọ́ ìdábòòbò tí wọ́n ń fún yín kò ju ti ohun kan àti díẹ̀ lọ.

Ohun tó ń dè wọ́n pọ̀ kò sì farasin. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2024 pé báńkì tó ń ṣòwò kọjá ilẹ̀ wa gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 500 náírà owó ìpìlẹ̀, tí èrè tí wọ́n ti tọ́jú sílẹ̀ kò sì ní bá a kà, àṣẹ kan náà ló kan báńkì yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibi tí mo ti máa ń rí i tí àwọn ènìyàn ń tan ara wọn jẹ ni ìpín tí kì í mì. Dangote Cement ni kí ẹ wò. Ó ju 80% ìpín rẹ̀ lọ tó wà lọ́wọ́ olówó kan ṣoṣo, nítorí náà èyí tó ń yí kiri lọ́jà kò pọ̀, iye rẹ̀ sì lè dúró sójú kan fún ọjọ́ púpọ̀. Bí CORREL bá fún yín ní 0.1 láàárín òun àti báńkì, ẹ má tíì yọ̀. Ó lè jẹ́ pé kò bá wọn rìn lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rà á tàbí tà á lọ́sẹ̀ yẹn ni. Ẹ ka iye ọ̀sẹ̀ tí kò yí padà rárá:

```
=COUNTIF(L3:L54,0)/52
```

Bó bá ju ìdá mẹ́rin kan lọ, èmi kì í gba nọ́mbà ọ̀sẹ̀ gbọ́. Ìyípadà oṣù sí oṣù ni mo máa ń lò fún irú ìpín bẹ́ẹ̀, kódà bó gba iye ọdún mẹ́ta. Ìdí kan náà ni mi ò fi jẹ́ kí ẹ lo iye ojoojúmọ́. NGX kì í jẹ́ kí ìpín gòkè tàbí sọ̀ ju 10% lọ lójúmọ́, torí náà ìròyìn ńlá lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó tán lára ìpín kan, nígbà tó ti tán lára èkejì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ka ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, yóò dà bíi pé wọn ò bára wọn rìn.

Ẹ tún un ṣe ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ìṣípòpadà ṣe wàhálà. Pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ 52 péré, nọ́mbà tó kà 0.2 lè jẹ́ 0 ní tòótọ́, ó sì lè jẹ́ 0.45. Bí MTN àti báńkì bá kúrò ní 0.2 bọ́ sí 0.3, kò tíì sí nǹkan kan. Bó bá gun 0.5, tó sì dúró síbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ kà á mọ́ agbo àwọn mẹ́rin yẹn.

CORREL kò lè rí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ o. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni ìjọba Gáná ní kí àwọn tó ní bọ́ǹdù abẹ́lé òun gba òmíràn dípò rẹ̀. GTCO, Zenith àti UBA ló ní ẹ̀ka níbẹ̀, àdánù náà sì hàn nínú ìṣirò ọdún 2022 tiwọn. Ìwé ìṣirò ọdún ni ẹ ti lè rí i ṣáájú pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà ní Gáná. Excel kò lè sọ ọ́.

Ní tiyín, èmi ò ní ní kí ẹ tà á lọ́la. Èmi kì í fẹ́ kí agbo tí ìbárìn wọn ti kọjá 0.6 gba ju 40% owó ẹnikẹ́ni lọ, tiyín sì wà ní 75%. Ẹ dá owó tuntun àti owó èrè báńkì gbà síbòmíràn, kí ẹ sì kọ́kọ́ máa yọ ti fọ́ọ̀ǹdù, torí pé ohun tí ẹ ti ní lọ́wọ́ ló tún ń bá yín rà, tó sì ń gba owó iṣẹ́ lé e. Owó oṣù yín ńkọ́? Báńkì ló ń san án, kò sì sí ní òpó kankan nínú ìwé yìí. Nítorí ìyẹn, bí ẹlòmíràn bá lè fàyè gba 40%, 25% ni mo máa fi sí ti òṣìṣẹ́ báńkì.