Ìpín ilé iṣẹ́ tí à ń bá ṣiṣẹ́

"Ilé iṣẹ́ mi ń ta ìpín rẹ̀ fún àwa òṣìṣẹ́ ní ẹ̀dínwó 15%. Láti ọdún mélòó kan ló ti ń gbówó lórí. Ṣé kí n kó gbogbo owó tí mo ti tọ́jú sí i?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí i. Owó oṣù yín ti wà níbẹ̀ ná. Bí owó tí ẹ tọ́jú bá tún lọ bá a, ìṣòro kan ṣoṣo lè gba méjèèjì lọ́wọ́ yín pa pọ̀.

Ojú mi rí i. Nígbà tí ọjà ilé iṣẹ́ wa kùtà, owó àṣekún iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá dúró. Owó oṣù wá ń pẹ́, iye ìpín sì ń já wálẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ní ká máa lọ, ìpín tí mo rà ní 1,000 kò ju 200 lọ. Ibi tó ti dùn mí jù ni pé mi ò lè dúró kó tún gbówó lórí. Owó ilé ń bẹ nílẹ̀, oúnjẹ ń bẹ nílẹ̀, mo sì ní láti tà á ní 200 yẹn. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti pín owó tirẹ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ń kó ohun èlò wá fún wa ló pín in sí. Àwa sì ni oníbàárà wọn tó tóbi jù, bí tiwa ṣe ń wálẹ̀ ni tiwọn náà ń wálẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Enron, ní Amẹ́ríkà. Ìpín wọn tó nǹkan bíi dọ́là 90 ní oṣù kẹjọ ọdún 2000. Kí oṣù kọkànlá ọdún 2001 tó parí, kò tó dọ́là kan mọ́. Ó ju ìlàjì owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ wọn lọ tó wà nínú ìpín ilé iṣẹ́ náà, iṣẹ́ sì tún bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. 1,000 tó di 200 gbọ́dọ̀ di ìlọ́po márùn-ún kó tó padà síbi tó wà. Ká ní 100 péré ni mo fi síbẹ̀, tí 900 yòókù sì dúró digbí níbòmíràn, 920 ni ì bá kù sí mi lọ́wọ́. Èrè tí kò tó 10% ti tó láti dí àlàfo yẹn.

Ẹ̀dínwó yẹn dára, ẹ má fi sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ 100 ni ẹ ń rà ní 85. Ọjọ́ tí ẹ rà á gan-an ni èrè yẹn ti wọlé, kò dìgbà tí ẹ bá tọ́jú ìpín náà pẹ́. Tí òfin wọn bá ti gbà yín láyè, ẹ tà á, kí ẹ kó owó rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ẹ kọ́kọ́ fi owó tó lè bọ́ yín fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà sí ibi tí ọwọ́ yín ti lè tètè tó o. Èyí tó kù, ẹ pín in sí oríṣiríṣi òwò, kí ẹ sì máa bi ara yín pé: kí ni nǹkan kan ṣoṣo tó lè ba méjì nínú wọn jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà? Pípín kò ní kí gbogbo ọjà má wálẹ̀ o. Ní ọdún 2008, ìpín ilé iṣẹ́ káàkiri ayé ló jọ já. Ìdí nìyẹn tí owó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà yẹn kò fi gbọ́dọ̀ wọ ọjà ìpín rárá.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé wọn, ẹ béèrè iye oṣù tí wọn kò ní jẹ́ kí ẹ tà á. Tó bá ju ọdún kan lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ rà.