Bcc kì í ṣe fèrèsé tí ọ̀gá yín máa yọjú wò

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀ka mẹ́ta ló pa pọ̀ lórí ìmeèlì kan ní ọ́fíìsì wa. Ṣé mo lè fi ọ̀gá mi sí Bcc kó lè máa rí gbogbo ohun tí wọ́n bá ń sọ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀? Ìgbà wo ló sì yẹ kí n tẹ Reply all?

Ìdáhùn: Kò ní rí gbogbo ẹ̀. Ìmeèlì kan ṣoṣo tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn ló máa rí. Àdírẹ́sì rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀dà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, nítorí náà, bí wọ́n tilẹ̀ tẹ Reply all, èsì wọn kò ní débẹ̀. Àìmọye èèyàn ló ti bi mí ní ìbéèrè yìí, ó sì ti ń sú mi.

Ẹ jẹ́ ká ní jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ rà. Ẹ fi ẹ̀ka ìrajà sí To, ẹ fi àwọn akáǹtì àti àwọn ilé ìkẹ́rùsí sí Cc, ẹ wá fi ọ̀gá pamọ́ sí Bcc. Ẹ̀ka ìrajà fèsì pé owó rẹ̀ ti lọ sókè sí i. Ọ̀gá yín ò rí ìyẹn. Nígbà tó yá, ó ṣí ìmeèlì àkọ́kọ́ lórí fóònù rẹ̀, ó tẹ Reply all: “Ẹ má tíì fọwọ́ sí i.” Gbogbo wọn ló rí i, kíá ni wọ́n sì mọ̀ pé ẹ fi í ṣọ́ wọn. Àṣírí tú nìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ kó mọ̀, ẹ fi í sí Cc ní gbangba. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ lọ sínú Sent, ẹ tẹ Forward sí òun nìkan. Bó bá tẹ Reply all níbẹ̀, ọ̀dọ̀ yín náà ló máa padà sí. Àmọ́ o, Bcc ò pa nǹkan rẹ́: ó ṣì wà nínú Sent yín. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ẹjọ́ tàbí ìbáwí òṣìṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ yín, ẹ má fi tèmi ṣe.

Iṣẹ́ tí Bcc mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kó yọ èèyàn kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ pé, “Mo ti gbé àwọn ilé ìkẹ́rùsí lọ sí Bcc.” Wọ́n á rí ìyẹn, èsì tó bá tẹ̀ lé e ò ní dà wọ́n láàmú mọ́.

Ní ti Reply all, “ẹ ṣé” àti “mo ti rí i” kò yẹ níbẹ̀. Ẹni tó kọ̀wé nìkan ni kẹ́ ẹ fèsì sí. Ṣùgbọ́n bí iye owó bá yí padà, tí ẹ sì tẹ Reply lásán, iye àtijọ́ làwọn akáǹtì máa san. Ẹ tẹ Reply all nígbà yẹn, kí ẹ sì so ìwé iye owó tuntun mọ́ ọn, torí èsì kì í gbé fáìlì tó wà lára ìmeèlì àkọ́kọ́ dání.