Ṣé wọ́n ti já mi ni, àbí wọ́n ṣì ń wò mí?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ akáńtáǹtì ni mo wá lọ sí ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè mí fún intáfíù. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá wọn ò sọ nǹkan kan, àná ni ímeèlì wọlé, wọ́n ní "we are moving forward with other candidates", wọ́n tún wá ní "we would love to keep you in our pipeline". Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì? Ṣé kí n fèsì ni àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ yẹn, wọ́n ti fi ọkàn sí ẹlòmíì, má tan ara ẹ jẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọkàn sí èèyàn yàtọ̀ sí kí onítọ̀hún jókòó lórí àga, àárín méjèèjì yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ wà, àwa tá à ń gbani síṣẹ́ sì mọ bó ṣe máa ń gùn tó.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí gbólóhùn àkọ́kọ́ ti wá fún ẹ. Èmi kọ́ ni mo máa ń jókòó kọ ọ́. Orí kọ̀ǹpútà la máa ń to orúkọ gbogbo ẹni tó wáṣẹ́ sí, bí mo bá ti gbé orúkọ kan sí abẹ́ "Rejected" báyìí, ẹ̀rọ náà á ní kí n mú ìdí kan, á sì gbé lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tipẹ́ jáde, èmi á kàn tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ ni. Àwọn ilé iṣẹ́ míì tiẹ̀ máa ń ní kó dúró ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó lọ, kó má bàa dà bíi pé a ò ka sífíì èèyàn rárá. Nítorí náà má jókòó máa tú ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ bí ẹni ń túmọ̀ àlá. Ọmọkùnrin kan pè mí lọ́jọ́ kan, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní ṣé mo rí i pé "candidates" ni wọ́n kọ, pé wọn ò kọ "candidate", ó túmọ̀ sí pé wọn ò tíì mú ẹnì kan pàtó. Mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́tà kan náà ló lọ bá gbogbo wọn, ẹni tó kọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n máa bí ọmọkùnrin yẹn.

Ohun tó yẹ kó o wò ni ibi tó o dé kí lẹ́tà náà tó bá ẹ. Tó bá jẹ́ sífíì nìkan lo fi ránṣẹ́, gbólóhùn yẹn ò ju pé a ò mú ọ lọ, kò sí ẹni tó mọ̀ ẹ́ níbẹ̀, kò sí nǹkan tí èsì ẹ máa ṣe. Ẹni tó ṣe intáfíù ẹ̀ẹ̀mẹta tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nígbà tá a bá fi máa dé ìpele kẹta, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló kù, a ti jókòó jà lé wọn lórí nínú ọ́fíìsì, máníjà ní ẹni tó wù ú, èmi náà ní ti tèmi.

Ó wá ku "pipeline". Lẹ́nu àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí, ọ̀nà méjì ló ní. Èkíní ni gbogbo ọ̀nà tí orúkọ máa gbà, láti orí sífíì, dé intáfíù, dé ọjọ́ tí èèyàn máa fọwọ́ sí lẹ́tà. Èkejì ni àwọn tá a ti bá sọ̀rọ̀, tá a fẹ́ràn wọn, tá a fi pamọ́ dọjọ́ míì. Tó bá jẹ́ ìparí lẹ́tà ẹ̀rọ ló wà, ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ni, bí ìgbà téèyàn ń sin àlejò jáde tó ní "ẹ tún máa yà o". "We will keep your CV on file" náà ò jìnnà sí i, irọ́ kọ́, sífíì ẹ á wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ tí àyè tuntun bá ṣí, ìpolówó tuntun la máa gbé jáde, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sífíì á tún ya wọlé, ta ló fẹ́ padà lọ máa wá ti èṣí? Òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà pàápàá ò ní kí wọ́n fi pamọ́ títí ayé, wọn ò gbọdọ̀ tọ́jú ẹ̀ ju bí wọ́n ṣe nílò ẹ̀ lọ.

Báwo lo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tìẹ? Kọ́kọ́ wo ẹni tó fi ránṣẹ́. Tí "no-reply" bá wà nínú àdírẹ́sì, gbàgbé ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ka èsì. Tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn, wo inú ẹ̀ bóyá nǹkan kan wà tí ẹ̀rọ ò lè mọ̀, bíi kó dárúkọ iṣẹ́ ìdánwò tó o ṣe fún wọn, tàbí ìgbà tó o ní wàá lè bẹ̀rẹ̀, tàbí kó ní òun á kàn sí ẹ lóṣù tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó ṣe pàtó bẹ́ẹ̀ wúwo ju "we were very impressed" mẹ́wàá lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí. Ẹni tá a mú, a á kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, á ní òun gbà, lẹ́tà á lọ, á fọwọ́ sí i, á wá lọ sọ fún ọ̀gá ẹ̀ pé òun ń lọ, ọ̀pọ̀ ibi n'Ékòó sì ni wọ́n ti máa ní kó fún àwọn ní oṣù kan. Láàárín oṣù kan yẹn à ń pe àwọn tó ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀, à ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò. Ibikíbi ni nǹkan ti lè já. Ibi tó ti máa ń já jù, lójú tèmi o, ni ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó fẹ́ fi sílẹ̀, torí bí ọ̀gá bá ti gbọ́ pé ó ń lọ ni wọ́n á wá fowó kún owó oṣù tí ò kún láti ọdún mẹ́ta, ẹni tiwa á sì yọ́ jókòó síbẹ̀. Àwa náà mọ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń rọra bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Sípíà táyà la fi í ṣe, kò dáa létí, àmọ́ òótọ́ ni.

Ó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Iṣẹ́ akáńtáǹtì náà ni, obìnrin méjì àti ọkùnrin kan ló kù, ọkùnrin yẹn la mú. Lẹ́tà lọ bá àwọn méjì tó kù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀kan ò dáhùn. Èkejì fèsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ju ìlà márùn-ún lọ: ó dúpẹ́, ó ní òun gbádùn ìjíròrò tá a ṣe nípa bí ìṣirò ọjà inú ṣọ́ọ̀bù wọn ṣe máa ń yapa sí ti kọ̀ǹpútà níparí oṣù, ó ní tí àyè tó jọ ọ́ bá ṣí òun ṣì nífẹ̀ẹ́ sí i, ó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lòun máa fi kúrò níbi tóun wà, ó wá béèrè nǹkan kan ṣoṣo, ìbéèrè tí mo máa kọ fún ẹ nísàlẹ̀ yìí. Ọjọ́ kọkàndínlógún, ọkùnrin wa pè pé kí a má bínú. Máníjà fa irun ya, ó ní ọ̀la lòun fẹ́ èèyàn. Mo ṣí ímeèlì mi, ta lo rò pé mo kọ́kọ́ rántí? Kì í ṣe pé ó dáa ju ẹni tí ò dáhùn lọ o, a ò tiẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà, mo sì mọ ìgbà tó lè dé, ti ẹni tí ò dáhùn, mo ní láti ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wádìí ni.

Nítorí náà, fèsì, lónìí tàbí lọ́la, sórí ímeèlì yẹn gan-an, má ṣí tuntun, kí gbogbo ọ̀rọ̀ yín àtẹ̀yìnwá lè wà lójú kan fún ẹni tó máa wá a. Oyìnbó ni wàá fi kọ ọ́, àmọ́ ohun tó máa wà nínú ẹ̀ nìyí:

"Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Mo gbádùn ohun tá a jọ sọ nípa (fi nǹkan kan pàtó tí ẹ sọ síbí). Ẹ ní ẹ máa fi mí sí ara àwọn tẹ́ ẹ máa rántí: ṣé fún iṣẹ́ yìí kan náà ni, tí nǹkan bá yí padà, àbí fún àyè míì lọ́jọ́ iwájú? Mo lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ báyìí báyìí. Tí kò bá ní yín lára, màá béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i níparí oṣù tó ń bọ̀."

Ìbéèrè àárín yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Kò há ẹnikẹ́ni mọ́ igun, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ní ẹ lọ́kàn lóòótọ́ á dáhùn tààrà, ẹni tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló sọ á dákẹ́ tàbí kó tún fi lẹ́tà ẹ̀rọ míì ránṣẹ́. Wàá ti mọ̀.

Má bi wọ́n pé kí lo ṣe tí wọn ò fi mú ẹ. Mo mọ̀ pé ó ń dùn ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń bà wá láti kọ irú ìdáhùn yẹn sílẹ̀, torí ohun tá a bá kọ lè di ẹ̀rí níwájú adájọ́, ìyẹn ló fi jẹ́ pé "someone whose experience more closely aligns" lo máa gbà, kò sì ní ṣe ẹ́ láǹfààní kankan. Tó o bá fẹ́ mọ nǹkan gidi, béèrè pé kí lẹ́nì kan lè túbọ̀ fi hàn nínú irú iṣẹ́ yìí, ìyẹn rọrùn láti dáhùn, àwa míì tiẹ̀ máa ń fẹ́ fi fóònù sọ ọ́. Jọ̀ọ́, má lọ bá ẹni náà lórí Wọ́sáàpù láago mẹ́sàn-án alẹ́, má fi ọ̀gá ẹ̀ kún ímeèlì, má sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wo ojú Ọlọ́run. Mo ti gba gbogbo ẹ̀ rí. Àánú máa ń ṣe èèyàn, àmọ́ máníjà ò ní gba èèyàn nítorí àánú.

Ohun kan ṣì wà, tí wọ́n bá sọ pé "the role is on hold", ìyẹn ò jẹ mọ́ ẹ rárá, owó ni wọn ò tíì fọwọ́ sí tàbí kó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gbé ẹnì kan láti inú ilé bọ́ síbẹ̀. Béèrè lẹ́yìn oṣù kan, kó o máa bá tìẹ lọ.

Ìgbà tó o bá tún máa kọ̀wé níparí oṣù tó ń bọ̀, rí i pé nǹkan tuntun wà lọ́wọ́ ẹ, má kàn kọ pé o ní kó o tún béèrè ni. Tó o bá ń ṣe ìdánwò ICAN, tí èsì ti oṣù karùn-ún tàbí ti oṣù kọkànlá bá jáde, tó o sì yege, ìyẹn tó láti kọ ìlà méjì, kó o so sífíì tuntun mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí wọn ò bá dáhùn ìyẹn náà, yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé tó o fi ń ka ibi tó o wáṣẹ́ dé.