"Ẹ kú ààwẹ̀" lẹ́nu ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí

*Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Mùsùlùmí ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà níbi iṣẹ́, ó sì máa ń gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Kí ni mo lè fi kí i nínú ààwẹ̀ àti lọ́jọ́ ọdún, tí kò ní dà bíi pé mo ń ṣe ẹ̀sìn tí kì í ṣe tèmi? Ṣé "Ẹ kú ààwẹ̀" náà tó?*

Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ là ń kí pé ẹ kú iṣẹ́, ẹni tó jókòó là ń kí pé ẹ kú ìjókòó. Ohun tí èèyàn ń ṣe lọ́wọ́ la dárúkọ, a ò sọ pé àwa náà ń ṣe é. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá ìjọ fi ń kí Àlàájà tí wọ́n jọ ń tajà pé "Ẹ kú ààwẹ̀ o" láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti yí ẹ̀sìn padà. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ ni, "O kú ààwẹ̀" ni. Tó bá jù ọ́ lọ, tàbí tó jẹ́ ọ̀gá, ẹ máa lo "ẹ".

Àdúrà tó máa ń tẹ̀ lé kíkí náà ló gba ìrònú díẹ̀. Àdúrà tó dá lórí èèyàn fúnra rẹ̀ kò ní ìdí ẹ̀sìn kankan nínú: "Ẹ ó parí rẹ̀ láyọ̀," "Ọlọ́run á fún yín lókun," "Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀." Ẹnikẹ́ni lè sọ ìwọ̀nyí. "Ọlọ́run á gbà á" náà wọ́pọ̀ gan-an lẹ́nu àwọn Kristẹni, àmọ́ àwọn kan wà tí ọkàn wọn kì í gbà á, nítorí pé ìjọsìn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń bá a gbàdúrà sí. Tó o bá wà lára wọn, fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wá a tì. Àwọn Mùsùlùmí láàárín ara wọn tún máa ń sọ pé kí Ọlọ́hun gbà á ní ìbáàdà, kí làádá rẹ̀ pọ̀, tàbí kí wọ́n kí ara wọn pé "Ràmàdáánì Mùbáráàkì". Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí Kristẹni sọ ọ́, inú ẹlòmíì tilẹ̀ máa ń dùn sí i. Lójú tèmi ṣá o, tí kò bá ti mọ́ èèyàn lẹ́nu tẹ́lẹ̀, ṣe ló máa ń dà bí agbádá àyálò. Ohun tó o máa ń sọ lójoojúmọ́ ni kó o fi kí i.

Àkókò tó o fẹ́ kí i náà ṣe pàtàkì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti jẹ sáàrì. Láti ìgbà náà títí tí oòrùn á fi wọ̀, kò sí oúnjẹ, kò sí omi. Nítorí náà, "Ẹ kú ààwẹ̀" ni ti ọ̀sán. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ìyẹn bí aago méje ìrọ̀lẹ́ bá kù díẹ̀ ní ìhà tiwa nínú oṣù Ẹẹ́ta, tó o bá pè é tàbí tó o fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, "Ẹ kú ìṣínu" ló bá a mu. Ẹni tó ń fi dábínù àti omi ṣínu lọ́wọ́ á mọ̀ pé o rántí àkókò òun. Èyí tó yẹ ká yẹra fún ni "Ẹ kú ebi", àti ìbéèrè tó ti di àṣà wa níbi iṣẹ́, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọ̀kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò. Kì í ṣe gbogbo Mùsùlùmí tó wà níwájú rẹ lọ́jọ́ kan ló ń gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í gbà á, ó máa san án padà lẹ́yìn Ràmàdáánì. A gba aláìsàn àti arìnrìn-àjò náà láyè láti sinmi. Tó o bá wá rí ọ̀rẹ́ rẹ obìnrin tó ń mu omi, má ṣe bi í pé "Kí ló dé tí o ò gbààwẹ̀ lónìí?" níwájú àwọn ọ̀gá ọkùnrin. "Ẹ kú àsìkò yìí" ti gba gbogbo rẹ̀: ẹni tó ń gbà á, ẹni tó máa san án, àti arúgbó tí kò lè gbà á mọ́. Tí mi ò bá mọ ipò tí èèyàn wà, òun ni mo máa ń lò.

Ní ti ọjọ́ ọdún, má yára. Òṣùpá ló ń pinnu bóyá ààwẹ̀ á jẹ́ ọjọ́ 29 tàbí 30, Sọ́táànù Sókótó ló sì máa ń kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2025, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Ẹẹ́ta, ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ Sátidé, ọjọ́ 29 oṣù náà, ni ìkéde wá pé wọ́n ti rí òṣùpá, ó sì di ọdún lọ́jọ́ Sunday, ọjọ́ 30. Ẹni tó ti fi "Ẹ kú ọdún" ránṣẹ́ lọ́sàn-án Sátidé yẹn kí ẹni tó ṣì wà lẹ́nu ààwẹ̀. Ẹni tó sì kí i pé "Ẹ kú ààwẹ̀" ní Sunday náà ṣì í, torí kò tọ́ kí Mùsùlùmí gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ Ìtúnu. Ní ọjọ́ tí kò tíì dájú yẹn, "Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún" ló dáa jù.

Tí ọdún bá wá dé, ohun tó o lè tẹ̀ sórí Wáásáàpù nìyí:

"Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún ẹ̀yin àti ìdílé yín. Àṣèyí ṣàmọ́dún."

Kò sí orúkọ wòlíì kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó kù níbẹ̀. Tó o bá fẹ́, o lè sọ "Ẹ kú ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀", orúkọ ọjọ́ náà ni. Òun náà á dáhùn pé "Ẹ ṣé, ọdún á yabo fún gbogbo wa." "Àmín" ni kó o fi gbà á, nítorí "gbogbo wa" yẹn ti kó ìwọ náà mọ́ ọn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí náà nìyẹn tó bá kan òun láti kí ọ. "Ẹ kú ọdún" láìfi nǹkan kan kún un tó fún Kérésìmesì. Ti Àjíǹde ló gba ìṣọ́ra díẹ̀: Kùránì sọ nínú Súrà kẹrin pé wọn ò kan Jésù mọ́ àgbélébùú, nítorí náà má retí kí ọ̀rẹ́ rẹ wá sọ fún ọ pé "Jésù ti jíǹde". Tó bá sọ pé "Ẹ kú ọdún", ó ti kí ọ dé ibi tó lè kí ọ dé. Ọjọ́ Ẹtì Rere nìkan ni kó o sọ fún un pé kì í ṣe ọjọ́ àjọyọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìjọ. Àwọn Àgùdà máa ń gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tó bá bi ọ́ ohun tó yẹ kí òun sọ, sọ fún un pé kó kí ọ pé "Ẹ kú ààwẹ̀".